V-Sync, gbèdéke férémù tàbí FreeSync: èwo ló bá káàdì gíráfíìsì alábọ́dé mu?

Ẹ yí ojú géèmù sí ọ̀tún kíákíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó dúró ṣánṣán. Bí òpó náà bá gé sí méjì, tí apá òkè rẹ̀ kò sì bá ti ìsàlẹ̀ ṣe déédéé mọ́, àwòrán ti ya nìyẹn. Kò sóhun tó bàjẹ́ lára káàdì, kò sì sóhun tó ṣe mọ́nítọ̀. Àwọn méjèèjì ni kò rìn pọ̀. Mọ́nítọ̀ 60 Hz máa ń kun ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 lórí ẹ̀ẹ̀kan. Káàdì kì í dúró dè é. Gbàrà tó bá parí férémù kan ló ń gbé e jáde, ì báà jẹ́ pé mọ́nítọ̀ ṣì wà ní agbedeméjì. Òkè ojú mọ́nítọ̀ á gbé férémù tó ti kọjá, ìsàlẹ̀ á gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibi tí méjèèjì ti pàdé sì ni ìlà tí ẹ ń rí.

Oògùn rẹ̀ pọ̀ nínú mẹ́nù, àmọ́ ohun tó wo ẹlòmíì sàn lè dá kún tiyín. Ẹni tó ní káàdì olówó gọbọi tó ń fún un ní 200 FPS, ìyẹn férémù 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà gbogbo lè tan èyí tó bá wù ú. Àwa tí à ń lo irú RTX 3060 tàbí RX 6600 kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú géèmù kan náà, a lè wà lórí 78 ní pápá gbalasa, ká já sí 54 níbi tí èrò pọ̀ sí. Ibi tí a já sí yẹn ló yẹ kó pinnu ohun tí a máa tàn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Nǹkan mẹ́rin ni. Ṣé yíya náà lọ pátápátá? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí FPS bá já sísàlẹ̀ iye Hz mọ́nítọ̀? Báwo ni ọwọ́ ṣe ń wúwo tó, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kí ohun tí ẹ fi máósì ṣe tó hàn? Èló ló máa náni? Fún káàdì alábọ́dé, ìbéèrè kejì ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ mọ FPS yín tó kéré jù. Ẹ pa V-Sync àti gbogbo gbèdéke, ẹ fi sọ́fítíwíà MSI Afterburner àti RTSS gbé Framerate tó jẹ́ FPS, Frametime tó jẹ́ àkókò tí férémù kan ń gbà, àti GPU usage tó jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún agbára káàdì tó ń ṣiṣẹ́, sí igun mọ́nítọ̀, kí ẹ wá lọ síbi tó wúwo jù nínú géèmù náà, kí ẹ rìn yí ká níbẹ̀ dáadáa. Iye tó kéré jù tó ń padà wá lemọ́lemọ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ má wo èyí tó ga jù, ẹ má sì wo ìpíndọ́gba. Fullscreen gidi ni kí géèmù wà bí ẹ bá ń ṣe èyí. Bó bá wà ní Borderless, Windows fúnra rẹ̀ sábà máa ń to àwòrán kó tó dé mọ́nítọ̀, kò ní ya, ẹ ó sì rò pé ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ló ṣiṣẹ́.

V-Sync lásán

V-Sync kì í jẹ́ kí káàdì pààrọ̀ férémù àfi nígbà tí mọ́nítọ̀ bá kùn tán, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Yíya tán nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà. Wàhálà rẹ̀ pín sí méjì: ọ̀kan wà nígbà tí káàdì bá lọ́ra, èkejì wà nígbà tó bá yára jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìlọ́ra ṣáájú. Níbi tí èrò pọ̀ sí yẹn, 54 FPS túmọ̀ sí pé férémù kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 18.5. Mọ́nítọ̀ ń retí rẹ̀ ní 16.7. Díẹ̀ báyìí ló fi pẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti tì. Àfi kó dúró de ìgbà tó kàn, ní 33.3. Bí géèmù náà bá ní àyè ìpamọ́ férémù méjì péré, káàdì kò ní ibi tó máa kun òmíràn sí nígbà tí èyí ń dúró, ìyẹn náà á sì pẹ́. Bí FPS ṣe máa ń já láti 60 sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tó sì jẹ́ pé káàdì lè ṣe 54. Bí ẹ bá rí Triple Buffering nínú mẹ́nù géèmù, ẹ tàn án, torí ó ń fi àyè kẹta kún un kí káàdì lè máa ṣiṣẹ́ lọ. 54 á dúró ní 54 nígbà náà. Síbẹ̀, mọ́nítọ̀ ń béèrè 60, nítorí náà yóò máa fi férémù kan hàn lẹ́ẹ̀mejì ní bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú á rí i bíi kíkọsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń yí ojú géèmù lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní pápá gbalasa, tí káàdì ti lè ṣe 78, ìyà mìíràn ló wà níbẹ̀. Férémù á ti ṣetán ṣáájú àkókò, wọ́n á sì máa tò sẹ́yìn ara wọn bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Ohun tí ẹ fi ọwọ́ ṣe ní báyìí wà nínú èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ṣáájú rẹ̀ ń fi mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 kún ìdúró rẹ̀; bí méjì bá ṣáájú, ó ti lé ní 33. Ẹ ó rí i pé máósì ń wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ yín. Ẹni tó ń fi géèmù wá ọkọ̀ lè má bìkítà, ẹni tó ń yìnbọn kò ní fara mọ́ ọn.

Àwọn ẹbí V-Sync

NVIDIA gbé Adaptive jáde ní 2012. Ó ń lo V-Sync nígbà tí FPS bá tó iye Hz, ó sì ń pa á nígbà tí FPS bá já. Kò ní jẹ́ kí ẹ balẹ̀ sí 30, ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá wà lábẹ́ 60, àwòrán yóò máa ya. Bí ìjá náà bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó lò. Bí ẹ bá ń gbé ibẹ̀, kò yanjú nǹkankan.

Fast nínú mẹ́nù NVIDIA, tó dé ní 2016, àti Enhanced Sync ti AMD, tó dé ní 2017, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń jẹ́ kí káàdì sáré bó ṣe fẹ́, wọ́n á wá mú férémù tó parí kẹ́yìn fún mọ́nítọ̀, wọ́n á da èyí tó kù nù. Ọwọ́ kì í wúwo, àwòrán kì í sì í ya nígbà tí FPS bá ga. Àmọ́ kó tó dùn wò, FPS gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì iye Hz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 78 lórí 60 Hz, àwọn férémù tí wọ́n ń dà nù kò lọ ní déédéé, ìrìn àwòrán á sì máa ta gìrì. Káàdì á tún gbóná, fáàǹ á máa pariwo, nítorí kò sí ohun tó ń dá a dúró. Mi ò rí ibi tó ti wúlò fún káàdì alábọ́dé, àfi nínú géèmù àtijọ́ tàbí èyí tó fúyẹ́ gan-an.

Gbèdéke nìkan

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Gbèdéke kì í wo yíya sàn. Ó kàn ń sọ pé káàdì kò gbọ́dọ̀ kọjá iye báyìí ni. Kò sọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ férémù. Ẹ fi 60 sí orí mọ́nítọ̀ tó ń ṣe 59.94 gan-an, kí ẹ sì pa V-Sync: ìlà yíya ò ní fò káàkiri mọ́, ṣùgbọ́n yóò máa rákò láti ìsàlẹ̀ mọ́nítọ̀ dé òkè ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 17, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, èyí burú ju yíya tó ń fò lọ, torí pé ojú á máa lé e kiri.

Ohun tí gbèdéke mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ó ń mú kí ìrìn férémù ṣe déédéé, ó ń dín ooru kù, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́. Ibi tí ẹ ti fi sí i tún ní ìtumọ̀. Èyí tó wà nínú géèmù ló sábà ń jẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́ jù, àmọ́ àwọn kan nínú wọn kò ṣe déédéé. RTSS ló ń jẹ́ kí ìlà Frametime tẹ́jú jù, ó sì lè fi ìdúró díẹ̀ kún un. Max Frame Rate nínú mẹ́nù NVIDIA ṣe é lò bí ẹ kò bá fẹ́ fi sọ́fítíwíà mìíràn kún un. Ibì kan péré ni kí ẹ ti fi sí i. Bí gbèdéke méjì bá ń ja ara wọn, ìlà Frametime á dà bí eyín ayùn.

V-Sync pẹ̀lú gbèdéke

Bí ẹ kò bá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ tuntun, ibí ni iṣẹ́ wà. Èrò rẹ̀ kò le: ẹ jẹ́ kí V-Sync pa yíya, kí ẹ wá fi gbèdéke sí ìsàlẹ̀ iye Hz mọ́nítọ̀ díẹ̀ báyìí, kí férémù má bàa rí àyè tò. Bí káàdì bá ń lọ́ra ju mọ́nítọ̀ lọ ní ìwọ̀n bíńtín, kò sí ẹni tó máa dúró lórí ìlà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí káàdì tó ń ṣe 78 ní pápá àti 54 láàárín èrò, lórí mọ́nítọ̀ 60 Hz. Ohun àkọ́kọ́ ni láti gbé 54 yẹn sókè. Láti 18.5, férémù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí bíi 15.5, kí àyè díẹ̀ lè ṣẹ́kù. Ẹ wo GPU usage níbẹ̀. Bó bá wà ní 97 sí 99, káàdì ni ẹrù wọ̀ lọ́rùn: ẹ dín òjìji àti kùrukùru kù, tàbí kí ẹ tan FSR tàbí DLSS, tó ń jẹ́ kí káàdì kun àwòrán kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́, sí Quality. Bó bá jẹ́ pé 65 tàbí 70 ló wà tí FPS sì já bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an pé pírósẹ́sọ̀ ni kò lè sáré tó. Dídín òjìji kù lè má mú nǹkankan wá nígbà náà. Iye èrò àti bí géèmù ṣe ń fi ohun tó jìnnà hàn tó ni kí ẹ dín kù. Èmi kì í tẹ̀ síwájú títí ibi tó wúwo jù yẹn yóò fi lé ní 60 nígbà tí V-Sync ṣì wà ní pípa.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iye Hz mọ́nítọ̀ gan-an. Ó wà nínú Windows lábẹ́ Advanced display, ẹ sì lè rí i pé ohun tí wọ́n kọ 60 sí lára páálí rẹ̀ jẹ́ 59.94. Bí ẹ bá fi 60 ṣe gbèdéke, ẹ ti kọjá mọ́nítọ̀, férémù á sì padà sórí ìlà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi 59, ọwọ́ á fúyẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni férémù kan á hàn lẹ́ẹ̀mejì, ojú tó mọ̀ ọ́n wò sì máa rí i. Ohun tó dára ni 59.93. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 59.94 jẹ́ 0.01, nítorí náà kíkọsẹ̀ kan á máa wáyé ní bí ìṣẹ́jú àáyá 100. Nínú RTSS, ẹ lè kọ ọ́ sínú fáìlì `Global` tó wà nínú fódà `Profiles`. Ẹ pa RTSS ná kí ẹ tó ṣí i:

```
[Framerate]
Limit=59930
LimitDenominator=1000
```

Ẹ tan V-Sync, ẹ ṣí géèmù, kí ẹ padà síbi tí èrò pọ̀ sí. Ìlà Frametime gbọ́dọ̀ tẹ́jú ní 16.7. Bó bá ń fò lọ sí 33.3 lemọ́lemọ́, FPS yín ṣì ń já níbẹ̀. Ètò àwòrán ni kí ẹ padà sí, ẹ má tún gbèdéke ṣe. Bí ìlà bá tẹ́jú ṣùgbọ́n tí máósì ṣì ń wọ́, ó ṣeé ṣe kí gbèdéke yín ga ju iye Hz gidi lọ.

Géèmù mìíràn wà tí kò sí bí ẹ ṣe dín in kù tó máa dé 60. Ẹ má lé e. Gbèdéke 30 lórí 60 Hz, tàbí Adaptive (half refresh rate) nínú mẹ́nù NVIDIA, á fi férémù kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì gẹ́lẹ́. Ọwọ́ á wúwo díẹ̀, àmọ́ ìrìn rẹ̀ á ṣe déédéé ju 45 sí 55 tó ń fò sókè fò sílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní mọ́nítọ̀ 120 Hz ní ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbèdéke 40. Férémù kan á gba mílísẹ́kọ́ǹdì 25, ìyẹn ìgbà mẹ́ta gẹ́lẹ́ tí mọ́nítọ̀ bá kùn, ìyàtọ̀ 40 sí 30 sì hàn kedere lójú àti lọ́wọ́.

RTSS tún ní Scanline Sync, tó ń ti ìlà yíya lọ sí etí mọ́nítọ̀ níbi tí ojú kò ti ní rí i, láìlo V-Sync rárá. Ọwọ́ ń fúyẹ́ gan-an níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò káàdì tí iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bí GPU usage bá ti ń lọ sókè ju 80 lọ, ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì padà wọlé.

FreeSync àti G-SYNC

Gbogbo ohun tí a ti sọ bọ̀ ń fi ipá mú káàdì tẹ̀lé mọ́nítọ̀. FreeSync ti AMD àti G-SYNC ti NVIDIA yí i padà: mọ́nítọ̀ ló ń dúró de káàdì. Bí férémù bá dé ní 18.5, a jẹ́ pé ní 18.5 ni mọ́nítọ̀ máa kùn. 54 á hàn bíi 54, kò ní ya, kò sì ní kọsẹ̀. Kò sí oògùn mìíràn tó bá ìjá káàdì alábọ́dé mu tó bẹ́ẹ̀. Owó ni ìdènà rẹ̀, torí mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ ní i. Káàdì sábà ti ní tirẹ̀: láti January 2019 ni NVIDIA ti jẹ́ kí GTX ìran 10 àti àwọn tó tẹ̀lé e lo ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ FreeSync. Okùn DisplayPort ni kí ẹ lò bí káàdì yín bá jẹ́ NVIDIA, àfi tí mọ́nítọ̀ bá ní VRR ti HDMI 2.1, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ tún wo mẹ́nù mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, torí nínú àwọn kan, pípa ni FreeSync wà nígbà tí ẹ bá tú u nínú páálí.

Ohun tó yẹ kí ẹ kà kí ẹ tó sanwó ni iye Hz tí FreeSync mọ́nítọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Mọ́nítọ̀ 75 Hz kan lè ní 48 sí 75 péré. Bí FPS yín bá já sí 44, ó ti bọ́ síta, yíya tàbí kíkọsẹ̀ á padà, ọ̀gangan ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Èyí tó jẹ́ 48 sí 144 kì í ní ìṣòro yìí: bí FPS bá já sí 40, á fi férémù kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, mọ́nítọ̀ á sì wà ní 80 Hz. 75 kò tó ìlọ́po méjì 48, ìdí nìyẹn tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti ní i, ẹ tan V-Sync nínú mẹ́nù káàdì, ẹ pa ti inú géèmù, kí ẹ sì fi gbèdéke 3 sísàlẹ̀ iye Hz: 141 fún 144, 72 fún 75. V-Sync níbẹ̀ kì í mú ọwọ́ wúwo, nítorí pé gbèdéke kò ní jẹ́ kí férémù kan òkè. Ó kàn ń gbá férémù kọ̀ọ̀kan tó bá sáré ju èkejì rẹ̀ lọ mú ni. Nínú géèmù tó ní Reflex, ohun tí NVIDIA ṣe láti mú ọwọ́ fúyẹ́, bí ẹ bá tan òun, G-SYNC àti V-Sync pọ̀, á fúnra rẹ̀ fi gbèdéke bíi 138 sórí mọ́nítọ̀ 144 Hz, ẹ kò sì nílò tiyín mọ́.

Àléébù kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí. Lórí ojú mọ́nítọ̀ oríṣi VA àti OLED, ìmọ́lẹ̀ lè máa ṣẹ́jú níbi tó ṣókùnkùn bí Frametime bá ń fò púpọ̀, pàápàá nígbà tí géèmù bá ń gbé ìpele tuntun wọlé. Gbèdéke tó sún mọ́ FPS yín tó kéré jù máa ń dín in kù.

Ta ni kó mú èwo

Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ 60 Hz tí kò ní FreeSync, tí FPS yín tó kéré jù sì lé ní 60 tàbí tó ṣeé gbé débẹ̀, V-Sync pẹ̀lú 59.93 ni kí ẹ mú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bó bá wà láàárín 45 àti 58 tí ẹ kò sì fẹ́ dín ẹwà àwòrán kù, ẹ lọ sí 30 fún géèmù ìtàn, ẹ sì lo Adaptive fún èyí tó ń béèrè eré sísá.

Ẹni tó ń bá èèyàn yìnbọn lórí ayélujára, tó jẹ́ pé ọwọ́ ló ṣe pàtàkì sí i ju ojú lọ, lè pa V-Sync pátápátá. Kó fi gbèdéke inú géèmù sí iye tí káàdì rẹ̀ lè dì mú nígbà gbogbo, kó má sì jẹ́ kí iye náà sún mọ́ Hz mọ́nítọ̀, kí ìlà má bàa máa rákò lójú rẹ̀.

Ẹni tó ti ń gbèrò láti ra mọ́nítọ̀ tẹ́lẹ̀ kó má ra 60 Hz mọ́. 144 Hz tó ní FreeSync láti 48 ni kó wá, kó sì ka ìwọ̀n yẹn lórí ojú ìwé ẹni tó ṣe é kó tó sanwó. Ẹni tó ní 48 sí 75 nílé báyìí kò tíì nílò láti pààrọ̀ rẹ̀, bí FPS rẹ̀ tó kéré jù bá ti lè máa wà lókè 50.